Ààwẹ̀ fún Orí Túúlu

Ẹni tí orí kò fọ́ rí ló máa ń sọ pé orí fífọ́ kì í ṣe àìsàn. Sùpáfáísọ̀ wa ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ ní Ìkẹjà sọ ọ́ sí mi lójú gbogbo èèyàn, ó sì fi ẹ̀rín tì í. Ó ní, "Irú orí tí gbogbo wa ní ni ìwọ náà ní. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé tìẹ nìkan ló ń fọ́?" Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, inú ṣì máa ń bí mi. N kò tíì dárí jì í, n kò sì rò pé màá dárí jì í mọ́.

Àwọn sójà ló wà lórí oyè nígbà náà, SÁÀPÙ, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n gbé kalẹ̀, ló sì gba ìlú kan. Wọ́n ní kí oníkálukú fún ìgbànú rẹ̀ mọ́ra. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ikùn wọn kò jẹ́ kí wọ́n rí ìgbànú tiwọn. Ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ wa á lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n dá dúró mọ́ ara géètì. A ó dúró níbẹ̀ láàárọ̀, a ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹni tí kò bá rí orúkọ rẹ̀ á rọra mí kanlẹ̀, á wọlé lọ síbi iṣẹ́. A kì í lè wo ojú ẹni tó rí tirẹ̀.

Yàrá lọ́fínńdà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin mẹ́fà ni wá níbẹ̀. Àwa la máa ń wọn lọ́fínńdà láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú ife onílà, tí a ó sì dà á sínú ẹ̀rọ tó ń po ọṣẹ. Fèrèsé kékeré kan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti kàn án pa nítorí olè. Bí mo bá délé ní Agége nírọ̀lẹ́, aṣọ mi, irun mi, àní ìrọ̀rí tí mo fi ń sùn, gbogbo rẹ̀ ló ń ta sánsán. Àwọn ará ilé wa á ní ayé ń yẹ mí. Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì jẹun láti àárọ̀.

Aago mẹ́wàá ni ìsinmi àkọ́kọ́ tí a máa ń ní tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, tí a ó fi mu ògì tàbí kí a jẹ búrẹ́dì. Nígbà tí wọ́n dín àwọn òṣìṣẹ́ kù, tí iṣẹ́ èèyàn mẹ́wàá wá di ti èèyàn mẹ́fà, sùpáfáísọ̀ yìí ló gé ìsinmi náà kúrò. Ó ní ẹni tí ebi bá ń pa kó dúró di aago méjì. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo ń kúrò nílé, nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun èèyàn kò tíì là. Nítorí náà, láti oúnjẹ alẹ́ títí di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì, omi ni mo ń fi tan ara mi jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orí náà ṣe máa ń ṣe mí, torí àwọn tó pè é ní ìmẹ́lẹ́ kò béèrè. Yíyán ni yóò kọ́kọ́ dé, màá máa yán bí ẹni tí kò sùn rí. Inú á máa bí mi sí gbogbo nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn ojú òsì mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kì, kì, kì, bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán nílé kejì. Ìmọ́lẹ̀ á di ọ̀tá mi. Ariwo ẹ̀rọ á máa wọ inú eyín mi lọ. Bí mo bá gbé orí tàbí tí mo tẹ̀ síwájú, á tún le sí i, títí màá fi bì. Nígbà mìíràn ó lè tó ọjọ́ kan ààbọ̀ kó tó fi mí sílẹ̀. Bó bá lọ tán, ara mi á rọ̀ jọwọrọ, ojú á sì máa tì mí, bí ẹni tó purọ́.

Nígbà tí mo pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan, wọ́n fún mi ní ìwé kúẹ́rì. Òfin ilé iṣẹ́ wa ni pé tí ìwé náà bá pé mẹ́ta, onítọ̀hún á lọ sílé. Oṣù kejì, wọ́n fún mi ní ìkejì. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ yìí ló ń sanwó yàrá kan ṣoṣo tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ ń gbé. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tí SÁÀPÙ ti dé, àtúnṣe ni gbogbo èèyàn ń gbé wá fún un, kò sí ẹni tó ń dá aṣọ tuntun. Òun ló mú mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ìyá wa kú, òun ló tọ́ mi. Kò sí ohun tó wù mí lórí ilẹ̀ ayé ju kí n má ṣe padà wá jókòó tì í lọ́wọ́ òfo.

Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà sì ń bá a lọ. Nígbà tí kúẹ́rì kejì dé, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì wọn. Wòlíì di ojú, ó ní ọwọ́ ayé ni, pé ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ló ń fi orí mi ṣeré. Ó ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje láìtọ́ omi wò, aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí n máa wá sí ìṣọ́ òru ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ó ní kí n fi lọ́fínńdà wẹ orí, kí wọ́n sì máa fi tùràrí yí mi ká. Mo ṣe é pátá. N kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í bá wòlíì jiyàn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àwo tùràrí dé iwájú mi. Èéfín náà wọ̀ mí nímú, ojú òsì mi ṣú, mo wó lulẹ̀, mo sì bì sórí ẹní àdúrà. Ìjọ hó yèè. Wọ́n ní ó ti ń jáde! Ó ti ń jáde! Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún ayọ̀. Èmi tí mo wà nílẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ̀ ni pé kí wọ́n gbé àwo tùràrí yẹn jìnnà sí mi. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, mo wọ́ ara mi dé ibi iṣẹ́, mo sì yà sí kílíníkì ilé iṣẹ́, yàrá kan báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ìgbà tí mo ti lọ síbẹ̀ sẹ́yìn, oògùn ibà ni ọmọkùnrin tó ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ń bù fún mi. Orí fífọ́, ibà. Èébì, ibà. Mo ti gbé oògùn ibà mì débi pé etí mi ń hó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì àgbà fúnra wọn ló wà lórí àga. Obìnrin Èkìtì ni wọ́n, wọn kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, ẹnu wọn sì mú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò ibà, kò sí ibà. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n ní kí n fi àgbọ̀n kan àyà, kí n fún ọwọ́ wọn méjèèjì, kí n tẹ̀lé ìka wọn pẹ̀lú ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. Ẹ̀gbẹ́ wo ló ń fọ́? Ṣé ó ń lù bí ọkàn ṣe ń lù? Ṣé ìmọ́lẹ̀ ń dà ẹ́ láàmú? Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó? Ẹ̀jẹ̀ oṣù rẹ ńkọ́? Oògùn wo lò ń lò sí i?

Mo ní oògùn ara ríro onílẹ́búlẹ́bú ni mo ń rà lọ́dọ̀ kẹ́míìsì, pé ojoojúmọ́ ni mo ń lá a.

"Ojoojúmọ́?" Wọ́n wò mí títí. "Dá a dúró bẹ́ẹ̀ yẹn. Oògùn orí fífọ́ tí èèyàn bá ń lò lójoojúmọ́, òun náà á máa fọ́ orí. Tó bá mú ẹ gan-an, lo parasitamọ́ọ̀lù, kó má ju ọjọ́ méjì lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó lè kọ́kọ́ le sí i, fara dà á. Ṣé ẹnì kan wà nílé yín tí orí rẹ̀ máa ń ṣe báyìí?"

"Rárá, mà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Wọ́n ní, "Túúlu ni. Àwọn òyìnbó ń pè é ní míígréènì. Kì í ṣe ìmẹ́lẹ́, kì í sì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Orí tìẹ ni wọ́n dá báyẹn, ó tètè ń bínú. Ohun tó kù ni ká mọ ohun tó ń bí i nínú."

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, mà. Lọ́fínńdà ni." Inú mi dùn bí mo ṣe sọ ọ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ lọ́fínńdà. Bó bá jẹ́ lọ́fínńdà, ẹ̀bi ilé iṣẹ́ ni, ẹ̀bi ọkùnrin yẹn ni, màá sì rí ohun tí màá sọ sí i lójú.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ta ló sọ fún ẹ? O ti dán an wò?" Wọ́n fa ìwé ọmọ iléèwé kan jáde nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i. Ojoojúmọ́ ni kí n kọ ọ́. Ìgbà tí mo sùn àti ìgbà tí mo jí. Ohun tí mo jẹ àti aago tí mo jẹ ẹ́. Òórùn tó le tó kàn mí nímú. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ oṣù. Bí orí bá fọ́, aago tó bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe le tó. "Gbọ́ èyí dáadáa," wọ́n ní. "Ọjọ́ tí orí kò fọ́ gan-an ni kí o máa kọ jù. Tí o bá kọ ọjọ́ burúkú nìkan, gbogbo ohun tí ojú rẹ bá kàn ni wàá kà sí ọ̀daràn. Oṣù kan gbáko, yàtọ̀ sí oògùn yẹn, má yí ohunkóhun padà, máa kọ. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó yí ẹyọ kan padà, ẹyọ kan ṣoṣo, a ó sì wò ó. Tí o bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan, tí ara rẹ bá yá, èwo lo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mo ní, òórùn tí mo ti mọ̀ pé ó ń bí orí mi nínú ńkọ́?

"Nígbà mìíràn, túúlu á ti wà lọ́nà kí òórùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í da èèyàn láàmú. Àìsàn náà ló ń jẹ́ kí imú mú. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí o kọ òórùn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan kan kò ṣe ẹ́." Wọ́n na ìka sí mi. "Bó bá sì dé lójijì bí ìgbà tí ìbọn dún, tàbí tí ara rẹ gbóná tí ọrùn rẹ sì le gan, tàbí tí apá kan ara rẹ kọṣẹ́, má kọ ìwé kankan o. Sáré lọ ọsibítù."

Mo ń bọ̀ nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìbéèrè wọn tún padà wá bá mi. Ṣé ẹnì kan wà nílé yín? Mo dúró lójú ọ̀nà. Ìyá wa. Ìyá wa tó máa ń wọ yàrá lọ, tí á ti fèrèsé pa, tí á fi gèlè di orí rẹ̀ le, tí á ní kí a lọ ṣeré wa lẹ́yìnkùlé. Bàbá wa á ní, "Ìmẹ́lẹ́ tún ti gun ìyá yín." Àwa ọmọ á sì bú sẹ́rìn-ín. Mo máa ń fi aṣọ di orí, màá dùbúlẹ̀ gbalaja, màá máa ké "orí ò, orí ò," kí àwọn ọmọdé ilé lè rẹ́rìn-ín. Mo ṣe é títí lójú ìyá mi. Nítorí náà ni mo ṣe dá nọ́ọ̀sì lóhùn pé rárá. Nílé wa, orúkọ tí a ń pe àìsàn náà ni ìmẹ́lẹ́.

Mo kọ ìwé náà fún oṣù kan. Ó ń bí mi nínú láti kọ ọ́. Kò sí ohun tó ń fi òṣì han èèyàn tó kí ó máa kọ "n kò jẹun, n kò jẹun, n kò jẹun" sínú ìwé lójoojúmọ́. Bí oṣù náà ṣe parí, lọ́fínńdà tán nílé iṣẹ́. Òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, náírà sì ti di ìdọ̀tí, owó òyìnbó kò sí. Wọ́n ti yàrá wa fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n kó wa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń di ọṣẹ sínú páálí, gbọ̀ngàn ńlá tí atẹ́gùn ń fẹ́. Inú mi dùn. Mo ní àṣírí ti tú. Ní ọjọ́ kẹta, ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, láìsí lọ́fínńdà, láìsí èéfín, yíyán dé. Kí ó tó di ọ̀sán, mo ti ń bì sẹ́yìn páálí.

Mo gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, mo sì sọ ọ́ sórí tábìlì wọn. Mo ní, "Ẹ gba ìwé yín. Irọ́ ló ń pa." Wọn kò bínú. Wọ́n ṣí i, wọ́n ní kí n fúnra mi ka gbogbo ọjọ́ tí mo wà nínú yàrá lọ́fínńdà. Ogún ọjọ́ ó lé díẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n ka èyí tí orí fọ́ nínú rẹ̀. Kò tó ìdajì. "Ìyẹn ni pé òórùn náà nìkan kọ́," wọ́n ní. Wọ́n wá ní kí n wo ìlà oúnjẹ. Ọjọ́ tí orí fọ́, kò sí èyí tí mo jẹun láàárọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n má tíì hó, torí pé ọjọ́ mìíràn wà tí n kò jẹun tí nǹkan kan kò ṣe mí. Mo wo àwọn ọjọ́ yẹn. Mo sùn dáadáa ní alẹ́ tó ṣáájú wọn, ariwo kò sì sí. Ọjọ́ tó burú jù lọ ni àwọn Sátidé, lẹ́yìn ìṣọ́ òru, nígbà tí oorun kò sí, tí oúnjẹ kò sí, tí tùràrí sì ti wọ̀ mí nímú.

"Ó dà bí garawa tí wọ́n gbé sábẹ́ òrùlé tó ń jò," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ihò kan lè máa kán sínú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó má kún. Tí ihò mẹ́ta bá ń kán pọ̀, á kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ebi jẹ́ ihò kan. Àìsùn jẹ́ ihò kan. Òórùn. Ìbẹ̀rù kúẹ́rì tó ń gbé inú rẹ, òun náà. O ò lè dí gbogbo ẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ọwọ́ rẹ tó."

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn, ìbínú ń gùn mí. Mo rántí ààwẹ̀. Mo rántí ìṣọ́ òru. Mo rántí lọ́fínńdà tí wọ́n dà sí mi lórí àti tùràrí tí wọ́n fi yí mi ká. Gbogbo ohun tó ń pa mí ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n pè ní ìwòsàn, èmi náà sì na ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ pa mí kò lè mọ̀ ọ́n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í sì í ṣe ọ̀tá ló ṣe é. Àwọn tó fẹ́ràn mi ni.

Oúnjẹ ni a fi bẹ̀rẹ̀, ohun tó kù kí ó dúró bó ṣe wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀kọ kan kí n tó kúrò nílé, mo ń fi ipá gbé e mì. Ní aago mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì ní kí n máa wá sí kílíníkì "gba oògùn". Oògùn náà ni búrẹ́dì àti ẹ̀pà tí mo fi pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Màá jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá sáré padà. A ti ṣí yàrá lọ́fínńdà padà, mo sì ń wọn lọ́fínńdà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Láàárín oṣù náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni túúlu mú mi, Sátidé tí a kì í ṣiṣẹ́ ni méjèèjì, lẹ́yìn ìṣọ́ òru. N kò pa iṣẹ́ jẹ rárá.

Sùpáfáísọ̀ ní ojú. Ó rí i pé mo ń kúrò nídìí iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá. Ó tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ kan, ó bá mi tí mo ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Àìsàn rẹ rèé? Ebi ni orúkọ àìsàn rẹ!" Kò mọ̀ pé òótọ́ ni òun sọ. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni kúẹ́rì kẹta dé, pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgba àyè. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí n wá rojọ́ níwájú ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbọ́, ó dìde, ó sì mú ìborùn rẹ̀. Ó ní a gbọ́dọ̀ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní n kò gbà. Mo ní n kò tún ní lọ sí ìṣọ́ òru mọ́, pé ìyẹn gan-an ni ohun tí mo fẹ́ dán wò báyìí. Mo gbé ìwé náà sí i lójú.

"Ìwé," ni ó wí. "O fẹ́ fi ìwé ja ogun tí ìwọ kò rí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ààwẹ̀ yẹn ló ń fọ́ mi lórí!"

"Má tún sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí mọ́." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ó dáa. Má gbà á. Jẹun rẹ." Ó yí ojú sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, a kò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Inú bí mi sí i. Mo ń jẹun lójú rẹ̀ tariwo tariwo, kí ó lè rí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá, mo dúró níwájú ọ̀gá. Sùpáfáísọ̀ wà lápá kan, nọ́ọ̀sì wà lápá kejì. Sùpáfáísọ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní alábòsí ni mí, ọ̀lẹ ni mí, pé tí ilé iṣẹ́ bá gba orí fífọ́, ọ̀la ni gbogbo obìnrin á máa gbé orí wá. Mo fi ìwé mi sórí tábìlì. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Kí ni kò lè kọ?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Òótọ́ ni. Ẹ má gba tirẹ̀ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ìwé tí sùpáfáísọ̀ fi ń máàkì wa wọlé." Wọ́n gbé e wá. Nọ́ọ̀sì tẹ́ ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Oṣù tí n kò jẹun láàárọ̀, ọwọ́ sùpáfáísọ̀ ló fi báírò pupa kọ ọ́ pé n kò wá, n kò wá, mo lọ sílé láàárín ọjọ́. Oṣù tí mo ń jẹ búrẹ́dì ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun náà ló fi báírò búlúù máàkì mi wọlé láti ọjọ́ kìíní títí dé òpin. Ọ̀gá wo ìwé kan, ó wo èkejì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkùnrin yẹn kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ní kí wọ́n fagi lé kúẹ́rì kẹta. Ó ní kí n máa gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní aago mẹ́wàá. Èmi nìkan, torí pé aláìsàn ni mí. Mo dúpẹ́. Mo padà sí yàrá lọ́fínńdà, mo sọ fún àwọn yòókù. Ìyá kan tó dàgbà jù nínú wa wò mí láti orí ife onílà rẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ ṣàìsàn kó tó lè jẹun?" Mo padà sídìí dúrọ́ọ̀mù mi, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, nọ́ọ̀sì dá mi dúró ní géètì. "Ṣé o ti jẹun lónìí?" N kò rántí. Ẹjọ́ ti gba aago mẹ́wàá mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n tètè wá nǹkan fi sẹ́nu, pé nígbà mìíràn, ọjọ́ tí ìbẹ̀rù bá lọ gan-an ni túúlu máa ń dé. Mo ra búrẹ́dì méjì. Mo jẹ ọ̀kan lójú ọ̀nà, mo mú èkejì dání fún ẹ̀gbọ́n mi, kí a lè fi parí ìjà.

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí mo délé, ṣùgbọ́n fèrèsé yàrá wa ti pa. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò dún. Mo ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi nà gbalaja lórí ẹní nínú òkùnkùn, ó fi gèlè di orí rẹ̀ le, ó fi ọwọ́ bo ojú òsì. Ike tó bì sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá wa ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ yẹn.

"Ti ilẹ̀kùn," ó ní. "Ìmọ́lẹ̀ yẹn."

Mo tì í. Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ ti pẹ́. Kí o tó wá sí Èkó."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Ta ni yóò máa gbààwẹ̀ fún ọ bí èmi náà bá ń ké orí?" "Òní ló pé ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ?"

"Wọ́n fi sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú òkùnkùn yẹn, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "O rí i? Mo sọ fún ọ. Ọlọ́run gbọ́."

Ìbínú ńlá gbé mi. Mo fẹ́ fi ìwé náà lu ògiri. Mo fẹ́ pariwo pé búrẹ́dì ni, búrẹ́dì àti báírò búlúù ni! Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú yàrá náà tí mo lè pariwo mọ́. Mo gbé búrẹ́dì síwájú rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó di aago mẹ́fà. Aago márùn-ún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lù. Mo ta aṣọ dí ihò fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, mo rẹ aṣọ sínú omi tútù, mo gbé e lé iwájú orí rẹ̀, mo sì jókòó tì í, mo ń ṣọ́ aago.

Mo ṣí ìwé náà sí ojú ewé tuntun lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo fa ìlà. Ní ìlà àkọ́kọ́, mo kọ "Ìyá wa," n kò sì rí nǹkan kan kọ síwájú rẹ̀, torí kò sí ẹni tó bi í léèrè rí. Ní ìlà kejì, mo kọ: Ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́bọ̀. Apá òsì. Kò tíì jẹun láti àná.